Másítà ti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Másítà ti Ìwádìí: Èwo Ni Kí Ọmọ Wa Yàn?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ilé-ìwé wa, àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ dé etí wa nígbàkígbà tí a bá péjọ fún àjọ̀dún. Ọmọ ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì fẹ́ lọ gba oyè másítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìgbaniwọlé méjì dé sí i lọ́wọ́. Lẹ́tà MSc ni ó wà lára ìkíní, lẹ́tà MRes ni ó wà lára èkejì. Àwọn òbí a wá béèrè pé, èwo ni ó tóbi jù nínú méjèèjì?

Ìdáhùn wa ni pé kò sí èyí tí ó tóbi ju èkejì lọ. Ipele kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọdún rẹ̀ ṣe, àti ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ náà yóò mú un dé nígbà tí ó bá parí. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a ní láti wò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ ṣe jẹun lọ́la.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó jáde ní ilé-ìwé wa mú irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ wá bá wa, ìyá rẹ̀ sì bá a wá. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó kà ní yunifásítì níhìn-ín, ó sì ṣe dáadáa. Ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọmọ kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ìwé àkọ́kọ́ gbà á sí MSc nínú ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ. Ìwé kejì gbà á sí MRes nínú ìwádìí lórí àrùn àkóràn. Aṣojú kan tí ń bá àwọn ènìyàn wá àyè sí yunifásítì ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó mú MRes, kí ó má sì wẹ̀yìn. A óò máa padà sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí bí a ti ń bá àlàyé wa lọ.

Bí a ti ń pín ọdún náà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè ní kírẹ́dítì. Kírẹ́dítì kan dúró fún wákàtí 10 nínú làálàá akẹ́kọ̀ọ́, yálà ó wà ní kíláàsì, tàbí ó ń kàwé, tàbí ó ń kọ iṣẹ́ tí a fún un. Kírẹ́dítì 180 ni ó wà nínú oyè másítà, èyí tí í ṣe wákàtí 1,800. Ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ mìíràn kún un a máa parí rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Nínú másítà ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kírẹ́dítì 120 ni ó sábà máa ń wà fún ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, tí 60 yóò sì kù fún iṣẹ́ ìwádìí. A lè pín 120 yẹn sí ẹ̀kọ́ mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kírẹ́dítì 15. Bí ọmọbìnrin wa bá mú MSc, yóò kọ́ nípa bí àrùn ṣe ń tàn káàkiri àwùjọ, yóò kọ́ ìṣirò tí a fi ń mọ̀ bóyá ohun kan ni ó fa òmíràn, yóò sì kọ́ bí ìjọba ṣe ń ṣètò ìlera tí ó sì ń náwó lé e lórí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún títí dé nǹkan bí oṣù karùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, kíláàsì, iṣẹ́ kíkọ àti ìdánwò ni yóò gba àkókò rẹ̀. Láti oṣù kẹfà dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni yóò ṣe ìwádìí tirẹ̀, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni èyí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú wọn kì í jáde lọ kó àkójọ tuntun. Àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn ti kó jọ ni wọ́n ń tú wò.

Nínú másítà ti ìwádìí, òṣùwọ̀n náà yí padà. MRes tí ọmọbìnrin wa rí gbà ní kírẹ́dítì 60 fún ẹ̀kọ́ kíláàsì, èyí tí ó dá lórí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìwádìí, ìṣirò, àti bí a ti ń kọ èsì ìwádìí fún àwọn onímọ̀. Kírẹ́dítì 120 yòókù jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó bá débẹ̀, yóò ti wà nínú yàrá ìwádìí lábẹ́ alábòójútó kan, yóò sì wà níbẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní MPhil, tí kì í sábà ní kíláàsì rárá. Ìwé ìwádìí kan ṣoṣo, tí ó gùn gan-an, ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọdún kan sí méjì kọ, yóò sì jókòó níwájú àwọn olùyẹ̀wò láti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀.

Láti inú ìpín yìí ni ewu tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Ẹni tí ó wà nínú másítà ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ mẹ́jọ. Bí ọ̀kan bá dojú dé, ó lè tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, kí èyí tí ó kù sì gbé e ró. Ẹni tí ó wà nínú másítà ti ìwádìí gbé ẹyin púpọ̀ sínú agbọ̀n kan. Kòkòrò tí ó yẹ kí ó hù nínú àwo lè má hù. Ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí ìwádìí tí ó kan ènìyàn lè fi oṣù mẹ́ta dá a dúró. Alábòójútó lè gba iṣẹ́ sí ibòmíràn kí ọdún tó pé ìdajì. A mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Olùkọ́ tí ó rọ́pò alábòójútó rẹ̀ kì í ṣe onímọ̀ nínú ohun tí ó ń wádìí, iṣẹ́ náà sì di ohun tí ó ń dá ṣe. Ó gba oyè náà, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí ó lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí ó kún fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni nítorí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe lọ.

Iṣẹ́ wo ni ó bá èwo mu?

Ẹni tí ó fẹ́ di olùwádìí, tàbí olùkọ́ ní yunifásítì, tí ó sì mọ̀ pé oyè ọ̀mọ̀wé ni òun ń lé, ni másítà ti ìwádìí yẹ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé oyè náà ga jù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fà á ni àkókò. Ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn ìwé ìbéèrè ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, fún ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì wà ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó wà nínú MSc ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà kan ni. Èsì ìdánwò rẹ̀ lè má tíì jáde, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kankan. Ẹni tí ó wà nínú MRes ti bá alábòójútó rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Alábòójútó náà ti rí ọwọ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ MSc fi ní láti dúró di ọdún kejì kí wọ́n tó béèrè.

Èyí kò túmọ̀ sí pé MSc ti ilẹ̀kùn oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó fi máàkì tí ó dára parí, tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì jẹ́ kírẹ́dítì 60 tòótọ́, wọ́n á gba ìwé rẹ̀ wò. Kódà, àwọn kan ti inú oyè àkọ́kọ́ bọ́ sí oyè ọ̀mọ̀wé ní tààrà. Ibi tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni irú MSc tí ó fi iṣẹ́ àjọṣe tàbí ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rọ́pò ìwé ìwádìí. Ìyẹn dára fún ẹni tí ń wá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lé oyè ọ̀mọ̀wé yóò dé ẹnu ọ̀nà láìní ohun tí yóò fi hàn.

Ní ìdà kejì, ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ìmọ̀ ọlọ́kan-ò-jọ̀kan ṣe, tàbí tí ó fẹ́ yí padà kúrò nínú ohun tí ó kà tẹ́lẹ̀, másítà ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó bá a mu. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ yẹn ni ohun tí agbanisíṣẹ́ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wọn ní àkójọ àwọn oyè tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà. Àpẹẹrẹ kan ni iṣẹ́ ẹnjiníà. Àjọ tí ń bójú tó àwọn ẹnjiníà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkójọ àwọn másítà tí a lè kà mọ́ ohun tí ẹnjiníà ní láti ní kí a tó fi orúkọ rẹ̀ sí ipele gíga. Ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé àjọ náà fẹ́ mọ ohun tí a kọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá fi ọdún kan wádìí ohun kan ṣoṣo lè di ọ̀gá nínú ohun náà, kí ó má sì rí orúkọ oyè rẹ̀ nínú àkójọ wọn.

Ọ̀rọ̀ físà àti ti ẹbí

Kí ni ó wá fà á tí aṣojú yẹn fi ní kí ọmọbìnrin wa mú MRes? Kò bi í léèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe. Òfin físà ni ó wò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ másítà ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ rẹ̀ dání lórí físà rẹ̀ mọ́, àfi díẹ̀ nínú wọn, irú àwọn tí ìjọba san owó ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tí ó wà nínú oyè ọ̀mọ̀wé tàbí oyè gíga ti ìwádìí ni ó ṣì ní àǹfààní náà.

Ẹ kíyè sí bí òfin náà ṣe túmọ̀ oyè gíga ti ìwádìí. Lẹ́tà tí ó wà lára oyè kọ́ ni ó ń wò. Ó béèrè pé kí ìpín ìwádìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mú ohun tuntun jáde, pọ̀ ju ìpín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ nígbà tí a bá fi làálàá akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀n wọ́n. Nínú kírẹ́dítì 180, ohun tí ó ju 90 lọ ni kí ó jẹ́ ti ìwádìí. MRes tí ó ní 120 yege. MSc tí ó ní 60 kò yege, bí ó tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìwádìí sí àkọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹbí rẹ̀ dání gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà ní kíkọ sílẹ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà wà lábẹ́ ìtumọ̀ yìí, kí ó sì ka òfin náà fúnra rẹ̀ lójú ewé ìjọba, nítorí òfin físà a máa yí padà, kí ó tó san owó kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, a kò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Nígbà tí ọmọbìnrin wa ṣàlàyé rẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ wò wá lójú, ó ní, "Ṣé kí ọmọ ọdún mẹ́ta má rí ìyá rẹ̀ fún ọdún kan gbáko ni?" A kò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Àwọn àti ọkọ rẹ̀ ni ó ni ín. Ohun tí a lè ṣe ni láti bá a ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀ tí aṣojú ti lọ́ pọ̀ mọ́ra: ta ni yóò bá a lọ, àti iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe fún ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí ọdún kan yẹn bá ti kọjá.

Bí a ṣe yanjú rẹ̀

A ní kí ó sọ ìtàn iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe nígbà tí ó ń gba oyè àkọ́kọ́ fún wa. Ó ní omi kànga ni òun bù ní àdúgbò kan, tí òun sì ka iye kòkòrò àrùn inú rẹ̀. A bi í pé ibo ni ó dùn mọ́ ọn jù nínú iṣẹ́ náà. Ó rò ó díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, kì í ṣe inú láàbù. Ọjọ́ tí mo ya àwòrán àdúgbò náà, tí mo fi iye kòkòrò sí ẹ̀gbẹ́ kànga kọ̀ọ̀kan, tí mo wá rí i pé àwọn tí ó burú jù ni ó súnmọ́ ṣáláńgá, ọjọ́ yẹn ni n kò lè sùn." A bi í síwájú sí i pé níbo ni ó fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́. Ó ní ní ẹ̀ka ìjọba tí ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn, nílé níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ yìí ti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó gba oorun lójú rẹ̀ ni bí àrùn ṣe ń rìn láàárín ènìyàn, èyí sì ni ẹ̀kọ́ MSc ìlera àwùjọ. MRes tí wọ́n fún un yóò fi odindi ọdún kan há a mọ́ inú láàbù tí kò fẹ́ràn, nídìí kòkòrò kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí ó ń wá kò béèrè oyè ọ̀mọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀; ó béèrè ẹni tí ó lè ka iye aláìsàn ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó sì mọ̀ bóyá àjàkálẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ ìdí tí oògùn kan kò fi ran kòkòrò kan mọ́, ìdáhùn wa ì bá yàtọ̀ pátápátá, ì bá sì tún rí ẹbí rẹ̀ mú dání.

Kí ó tó kọ ìwé padà, ó fi ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí yunifásítì náà. Kírẹ́dítì mélòó ni ti ìwádìí, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń dá tirẹ̀ kọ? Ta ni ó ń yan alábòójútó, ìgbà wo sì ni? Ǹjẹ́ òun lè fi àkọsílẹ̀ àrùn láti Nàìjíríà ṣe ìwádìí òun? Ẹni tí ó bá ń lọ sí MRes yóò fi méjì kún un: orúkọ alábòójútó mi ńkọ́, ṣé yóò wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún náà? Ta ni yóò san owó àwọn ohun èlò láàbù? Yunifásítì tí kò bá lè dáhùn èyí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó kò ní rí ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti sanwó tán.

Ọmọbìnrin náà mú MSc. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí ara wọn lójú fóònù. Kò rọrùn fún un, kò sì sọ fún wa pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí ó kọ sí wa kẹ́yìn, ó ní òun ti gba àkọsílẹ̀ àrùn onígbáméjì láti ìpínlẹ̀ kan nílé, òun sì ti ń ya àwòrán.

Fún àwọn tí yóò kàwé nílé

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ọmọ yín yóò gba másítà ní Nàìjíríà. Ẹ má ṣe fi ìpín ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ti ibí. MSc tàbí MA ti yunifásítì wa sábà máa ń ní ẹ̀kọ́ kíláàsì àti ìwé ìwádìí pọ̀, òun náà sì ni ọ̀nà sí oyè ọ̀mọ̀wé. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n béèrè pé kí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó 60 nínú 100 kí wọ́n tó gbà á sí oyè ọ̀mọ̀wé. MPhil níhìn-ín jẹ́ àtẹ̀gùn láàárín másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni másítà tí a ṣe fún àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sábà máa ń kọ́ ní alẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó wúlò fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ṣí ọ̀nà sí oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó ń lérò láti di olùkọ́ ní yunifásítì kò gbọdọ̀ gbà á láìbéèrè, nítorí pé másítà lè mú un wọlé sí ipò ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gòkè jìnnà láìsí oyè ọ̀mọ̀wé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá gbé ìwé méjì wá síwájú yín, ẹ má tíì ka àwọn lẹ́tà tí ó wà lára wọn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé iṣẹ́ wo ni ó gba oorun lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá jọ ka kírẹ́dítì 180 náà, kí ẹ sì wo ibi tí púpọ̀ rẹ̀ wà.